Kíkọ́ búlọ́ọ̀kù dé líntẹ̀lì ní Kàbà: ṣé owó ojúmọ́ ni àbí kí n gbé e fún ògá bíríkìlà lódindi?

Ọmọ Ọwẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, okun o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mò ń kọ́ sí Kàbà, Àbújá ni èmi fúnra mi wà. Ìpìlẹ̀ ti parí, a ti da dípíìsì. Ohun tó kàn ni kíkọ́ búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án títí dé líntẹ̀lì, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án lórí ara wọn. Ògá bíríkìlà kan ní kí n gbé e fún òun, ₦150 lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, èmi ni màá ra sìmẹ́ǹtì àti yanrìn. Àbúrò bàbá mi tó wà nílé ní kí n má dán an wò, kí n máa san owó ojúmọ́: ₦9,000 fún bíríkìlà, ₦6,000 fún lébìrà. Bíríkìlà mẹ́ta, lébìrà mẹ́ta ni. A ti yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, búlọ́ọ̀kù tó máa wọ ara ògiri ku nǹkan bíi 1,800. Èwo ni kí n mú?

Ará Ẹgbẹ́

Owó ojúmọ́ ni, àbúrò. Ẹni tó gba iṣẹ́ lódindi, iṣẹ́ tó kàn ló ń wò, kì í wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi ní Ẹgbẹ́ níbí. Yàrá kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbé e dé ojú líntẹ̀lì. Àpòpọ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì mú rárá tí wọ́n ti ń di ẹrù lé e lórí. Nígbà tí wọ́n so pọ́ńbù sí i lọ́jọ́ kejì, igun kan ti tẹ̀ síta, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò ní ìdí láti sáré, ó máa fara balẹ̀ ṣe é.

Tísà Ìsánlú

Èmi náà fara mọ́ owó ojúmọ́, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Ìsánlú, mo gbé e fún àwọn kan lódindi, a fẹnu kò sí iye owó, mo san ju ìdajì lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Apá iwájú ilé rọ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ lọ bí ẹní ń gbẹ́ ebè. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, kò tíì jìn tó orúnkún tí wọ́n fi kan àpáta. Wọ́n lu ú títí, dígà kò wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mi ò rí ẹnì kankan, mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Àwọn tó wá parí rẹ̀ ní láti dáná sí àpáta náà kí wọ́n tó fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Owó ojúmọ́ ni mo san fún wọn, wọ́n sì ṣe é parí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbẹ́kẹ̀ lé iye tí a bá sọ mọ́ ẹnu ṣáájú.

Àgbà Bíríkìlà, Mópà

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti gba owó ojúmọ́, mo ti gba iṣẹ́ lódindi, mo sì ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde lọ́nà méjèèjì.

Tísà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín dun ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ẹ̀ ń gbẹ́. Ní agbègbè wa yìí, láti Kàbà dé Ẹgbẹ́, àpáta wà níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Ẹ̀yin kò rí abẹ́ ilẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ kò rí i, síbẹ̀ ẹ dá iye kan lé e. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè níbẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a fi owó ojúmọ́ ṣe, tàbí kí a dá owó ilẹ̀ rírọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó àpáta kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà. Búlọ́ọ̀kù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ló wà. Ọmọdé tó mọ nọ́ńbà lè kà á lára ògiri, ó sì lè sọ iye tí a kọ́ lónìí fún yín. Iṣẹ́ tí ojú ń rí, tí a lè kà, tí kò sì fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́, òun ló ṣeé gbé fún èèyàn lódindi.

Ọmọ Ọwẹ̀, jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ. ₦150 lọ́nà 1,800 jẹ́ ₦270,000. Bíríkìlà mẹ́ta àti lébìrà mẹ́ta, ₦45,000 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ lójúmọ́. Pín in wò: ọjọ́ mẹ́fà ni ₦270,000 máa gbé. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́ 1,800, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ́ 300 lójúmọ́, ìyẹn ni pé kí bíríkìlà kọ̀ọ̀kan máa kọ́ ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá ń kọ́ 120 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ márùn-ún ni, ₦225,000 lo máa san, owó ojúmọ́ ló sàn jù fún ọ. Tí wọ́n bá ń kọ́ 75, ó di ọjọ́ mẹ́jọ, ₦360,000 nìyẹn.

Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló máa wà níbẹ̀ tí wọ́n fi máa pé ọgọ́rùn-ún? Bíríkìlà tó mọṣẹ́, tí lébìrà ń gbé àpòpọ̀ àti búlọ́ọ̀kù dé ọwọ́ rẹ̀, tí omi wà nítòsí, lè kọ́ ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí ògiri gbọọrọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé igun, tàbí etí fèrèsé níbi tí ó ti ń gé búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ rẹ̀ máa falẹ̀. Láti nǹkan bíi kọ́ọ̀sì kẹfà sókè, ó máa gun pákó, ọwọ́ á tún falẹ̀ sí i. Tí kò bá sí ẹni tó ń wò wọ́n, wọ́n máa dé láago mẹ́sàn-án, wọ́n máa retí omi títí di mẹ́wàá, láago mẹ́ta wọ́n á ti máa fọ ọwọ́. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ olè. Ẹni tí owó rẹ̀ ti dájú nírọ̀lẹ́ kò ní lé ara rẹ̀. Àbújá lo wà. Tí n bá jẹ́ ìwọ, màá gbé e fún un.

Ará Ẹgbẹ́, ohun tí ẹ sọ nípa yàrá tí wọ́n gbé sókè lọ́jọ́ kan, òótọ́ ni, kò sì dáa. A kì í jẹ́ kí ògiri ga ju mítà kan àbọ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn kọ́ọ̀sì márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àmọ́ ìlànà ni wọn ò fún wọn, kì í ṣe ẹ̀bi pé wọ́n gba iṣẹ́ lódindi. Ẹ wo ilé ọmọ yìí: kọ́ọ̀sì kan jẹ́ nǹkan bíi 200 búlọ́ọ̀kù. Tí wọ́n bá ń kọ́ 300 lójúmọ́, tí wọ́n sì ń yí ilé ká, kọ́ọ̀sì kan àbọ̀ péré ni ògiri fi ń ga lójúmọ́. Kí wọ́n yí ilé ká, kí wọ́n má ṣe gbé yàrá kan lọ sókè kí ìyókù wà nílẹ̀. Ẹ sọ èyí fún wọn ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́, Ìyàrà

Ọmọ mi, èmi ò bá ọ gbé gbogbo ilé fún ènìyàn kan ṣoṣo láé. Wọ́n gbé ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ẹnì kan, sìmẹ́ǹtì, irin, páànù, gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí ó di ìgbà òjò, ilé wà láìní òrùlé, owó sì ti tán. Máa ra nǹkan rẹ fúnra rẹ. Kí o sì mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, oko ni àwọn lébìrà ń lọ. Iṣu ni wọ́n máa lọ gbìn, o kò ní rí wọn.

Ọmọ Ọwẹ̀

Ẹ ṣeun mà. Kì í ṣe gbogbo ilé ni mo fẹ́ gbé fún un, mà, iṣẹ́ ọwọ́ kíkọ́ búlọ́ọ̀kù dé líntẹ̀lì nìkan ni. Èmi ni mò ń ra sìmẹ́ǹtì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oko tí ẹ sọ yẹn, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, mo máa fi sọ́kàn.

Bàbá Bíríkìlà, ìṣirò yín yé mi. Bàbá kékeré mi kò lè jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ara wọn ti ń dara àgbà. Wọ́n lè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kan, kí wọ́n tún yà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí mo bá gbé e fún ògá yìí, báwo ni mo ṣe máa san owó rẹ̀ tí kò fi ní sá lọ bíi ti Tísà? Ó ti ń béèrè ìdajì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Bíríkìlà, Mópà

Má san ìdajì. Kò ra nǹkan kan, ìwọ lo ń ra sìmẹ́ǹtì, kí ló fẹ́ fi ìdajì ṣe? Owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló nílò. Ohun tí mo sábà máa ń sọ fún àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́ nìyí.

Kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, san án ní owó ojúmọ́. Má fi kún iṣẹ́ tí o gbé fún un. Ìdí ni pé kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá igun máa ṣe déédéé, bóyá ilẹ̀kùn wà níbi tí ó yẹ, bóyá yàrá gùn bó ṣe wà nínú àwòrán. Ẹni tí a ń san owó rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù kò fẹ́ dúró lórí rẹ̀, nítorí àkókò tó fi ń wọn nǹkan kò mówó wọlé fún un. Jẹ́ kí wọ́n fi ojúmọ́ kan ṣe é, wá sílé lọ́jọ́ náà tí o bá lè wá. Ní igun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta sí apá kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí apá kejì, okùn tó bá dábùú láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ márùn-ún géérégé. Bí ó bá lé tàbí tó dín, igun kò dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi okùn wọn yàrá láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì, kí ó bára mu.

Ojúmọ́ náà á ná ọ ní ₦45,000. Búlọ́ọ̀kù 200 ti kúrò nílẹ̀, ó ku 1,600, ₦240,000 ni ìyẹn lórí ₦150. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦285,000. ₦15,000 lo fi lé e ju kí o gbé gbogbo rẹ̀ fún un lọ, ₦15,000 náà ló ń ra igun tó dọ́gba fún ọ. Ilé tí igun rẹ̀ kò dọ́gba, o máa rí i lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí o bá ń to táìlì, o sì máa rí i nígbà tí wọ́n bá ń kan igi òrùlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún un ní ₦20,000 tí wọ́n bá ti parí kọ́ọ̀sì kejì, kí wọ́n rí nǹkan jẹ. Tí ó bá dé kọ́ọ̀sì karùn-ún yí gbogbo ilé ká, fún un ní ₦80,000. Tí ó bá dé kọ́ọ̀sì kẹsàn-án, ₦100,000. ₦40,000 tó kù, mú un dání títí tí bàbá kékeré rẹ fi máa so pọ́ńbù sí igun gbogbo, tí wọ́n fi máa wo àwọn ojú ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ tó ti ṣe gbọ́dọ̀ ju owó tó ti gbà lọ. Bí ó bá sá, òun ló pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń sọ pé owó ojúmọ́ sàn kì í rántí. Bí ògiri bá wọ́, tí a ní kí a wó o, ta ló máa san owó iṣẹ́ wíwó àti títún kọ́? Ní owó ojúmọ́, ìwọ ni, nítorí ojúmọ́ tó fi wó o náà ojúmọ́ ni. Tí o bá gbé e fún un lódindi, tí ẹ sì ti fẹnu kò sí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi máa tún un ṣe. Sìmẹ́ǹtì tó bàjẹ́ nìkan ló ku sí ọ lọ́rùn.

Ẹnjiníà Lókọ́jà

Bàbá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì yẹn ni èmi fẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àgbàṣe ti ń dọ́gbọ́n gba owó lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó ń gba owó lórí búlọ́ọ̀kù, tí kì í ṣe òun ló ra sìmẹ́ǹtì, ọ̀nà méjì ló lè gbà ba nǹkan jẹ́, ọ̀kan kò sì jọ ìkejì.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ó máa da àpòpọ̀ nípọn sábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ó rọrùn fún un, búlọ́ọ̀kù á tètè jókòó, kò ní láti máa gún un wọlẹ̀. Àmọ́ àpò rẹ ló ń ná. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ga ní mìlímítà 225. Tí àpòpọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 10, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án máa dé nǹkan bíi 2,115, ìyẹn mítà méjì àti díẹ̀, ibi tí ilẹ̀kùn ń parí sí nìyẹn. Tí ó bá da mìlímítà 25, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án náà máa dé 2,250. Kí bàbá kékeré rẹ fi téèpù wọn láti orí dípíìsì dé orí kọ́ọ̀sì karùn-ún. Tí ó bá lé 1,200 dáadáa, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n béèrè.

Ọ̀nà kejì ló burú jù, nítorí kò hàn. Ó máa fi àpòpọ̀ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù méjì, ó máa fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó fi ṣíbí lẹ ojú òde nìkan. Ní ìgbà tí wọ́n bá ti rẹ́ ilé, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́, àfi nígbà tí rẹ́rẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán ní ojú ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ẹnì kan dúró sí inú yàrá, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri láti ìta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni kò fi nǹkan sí. Ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ tí mo lọ wò ní Ọbajànà fi ìṣó onínṣì mẹ́fà gún àwọn ẹ̀gbẹ́ náà, ó wọ inú wọn títí dé orí ìṣó. Bí a ṣe mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n nìyẹn.

Nípa iye àpò: tí wọ́n bá po àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ́ páànù yanrìn 12, ó máa ń kọ́ nǹkan bíi 50 sí 60 búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án. Fún 1,800, retí àpò bíi 33. Tí ó bá béèrè 45, àpòpọ̀ nípọn tàbí àpò ń rìn. Tí ó bá lo 22 péré, má bá a yọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi sílẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ pé yanrìn ló pọ̀ jù. Máa kó sìmẹ́ǹtì wá ní àpò mẹ́wàá mẹ́wàá, má kó 33 lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa kó àpò òfìfo jọ fún àbúrò bàbá rẹ kí wọ́n lè kà á.

Ará Ẹgbẹ́

Mo gbọ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi díẹ̀ o. Gbogbo ìṣọ́ tí ẹ ní kí ó ṣe yìí, tọ́ọ̀ṣì, ìṣó, kíka àpò, tí ó bá ní ẹni tó lè ṣe é, kí ló dé tí ẹni náà kò lè ṣọ́ àwọn tó ń gba owó ojúmọ́? Bàbá kan tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni, ọ̀nà méjèèjì ló máa wò.

Ẹnjiníà Lókọ́jà

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tó dáa ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Láti ṣọ́ owó ojúmọ́, o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo wákàtí, nítorí àkókò lo ń rà, àkókò tó bá ti kọjá kò sì fi àmì kankan sílẹ̀. Láti ṣọ́ iṣẹ́ tí a gbé fúnni, ohun tó ti ṣe ni wàá wò, ó sì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó lè yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lè ṣe èyí kejì. Èyí àkọ́kọ́, kò lè ṣe é. Tí ẹ̀yin bá wà nílé, tí ẹ jókòó sí abẹ́ igi níbẹ̀ láti àárọ̀, mi ò ní bá yín jiyàn, owó ojúmọ́ lè dín ìnáwó kù.

Káfíńtà Ayétòrò

Ẹ dárí jì mí tí mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí ó tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí ó bi ògá bíríkìlà náà pé ta ló ni pákó tí wọ́n máa gùn. Wọ́n máa ń dákẹ́ lórí rẹ̀ títí di kọ́ọ̀sì kẹfà, wọ́n á wá dá iṣẹ́ dúró, pé kí onílé mú pákó wá. Omi náà, ta ló ń pọn ọ́n? Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sí etí títì, ta ló ń gbé e wọlé? Mo ti rí ibi tí iṣẹ́ kúrò ní ₦150 bọ́ sí ₦200 lórí irú nǹkan báyìí. Kí wọ́n sì bá mi wọn ojú ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kúrò. Àwa káfíńtà là ń jìyà rẹ̀ tó bá ṣe ínṣì kan kéré.

Ọmọ Ọwẹ̀

Mo ti bá ògá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí. Ó gbà kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní owó ojúmọ́, ó gbà kí a máa san án ní kọ́ọ̀sì kejì, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án. Ó ní òun máa mú pákó wá, lébìrà òun ló máa gbé búlọ́ọ̀kù wọlé, ṣùgbọ́n tánkà omi jẹ́ tèmi. Ó ku nǹkan méjì tí a kò tíì fẹnu kò sí. Ó ní búlọ́ọ̀kù àbọ̀ tó bá gé sí etí fèrèsé, òun máa kà á bí odindi. Ó tún ní tí òjò bá dá wọn dúró, kí n san nǹkan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

Àgbà Bíríkìlà, Mópà

Búlọ́ọ̀kù àbọ̀, san odindi fún un. Gígé náà iṣẹ́ ni, ó tilẹ̀ pẹ́ ju kíkọ́ odindi lọ, bí o bá ní o kò ní san án, á máa wá ọ̀nà láti má gé e, á wá fi àpòpọ̀ dí àlàfo tó yẹ kó gba àbọ̀.

Ẹnjiníà Lókọ́jà

Níbí ni mi ò ti bá yín lọ, Bàbá. Tí ó bá ti mọ̀ pé àbọ̀ ni odindi, á máa gé ibi tí kò yẹ kó gé. Mo dá a lábàá pé kí wọ́n wọn gígùn ògiri kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní mítà, kí wọ́n fi 0.46 pín in, kí wọ́n má ka búlọ́ọ̀kù rárá. Iye tó bá jáde ni kí wọ́n san, àbọ̀ àti odindi ti wọ inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fọ́ lórí ilẹ̀ kò sì ní wọ inú owó.

Àgbà Bíríkìlà, Mópà

Ìyẹn dára fún ẹni tó mọ ìwé, ògá bíríkìlà tó máa gba owó náà kò ní gbà á. Ó fẹ́ fi ìka rẹ̀ kà á. Kí ọmọ yìí wo èyí tí ọkùnrin náà máa fara mọ́.

Ti òjò: tí ó bá gba iṣẹ́ lódindi, ewu òjò wà lọ́rùn òun, àtìgbà tí ó ti ń sọ ₦150 ló ti mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Má san ojúmọ́ òjò fún un. Ní kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó jẹ́ owó ojúmọ́ nìkan lo máa san òjò: bí ó bá rọ̀ kí ó tó di ọ̀sán, àbọ̀ ojúmọ́, bí ó bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán, odindi. Ohun tí ìwọ máa ṣe ni kí o ra ọ̀rá tí wọ́n máa fi bo orí ògiri tí òjò bá ṣú, nítorí òjò tó bá wọ àpòpọ̀ tútù máa fọ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò, ìwọ lo sì ra sìmẹ́ǹtì.

Ìyá Elélùbọ́, Ìyàrà

Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ṣáá, ọmọ mi, kí wọ́n tó máa kọ ebè.

Tísà Ìsánlú

Bàbá Bíríkìlà, ẹ dákun, ẹ bá mi dáhùn kan kí ẹ tó lọ. Mo fẹ́ gbẹ́ ihò ṣáláńgá báyìí, ilẹ̀ kan náà tí mo sọ. Owó ojúmọ́ ni àbí lódindi?

Àgbà Bíríkìlà, Mópà

Ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní owó ojúmọ́, kí ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá iye lé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye kan fún ilẹ̀ pupa, iye mìíràn fún àpáta, kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ pè yín wá wò ó pẹ̀lú ojú yín tí ó bá kan àpáta kí ó tó yí owó padà. Tí ẹ bá kan àpáta gidi ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ ronú bóyá kí ẹ yí ihò náà sí ibòmíràn nínú ọgbà yín, nítorí omi kò ní wọ inú àpáta yẹn lọ bí ẹ bá tilẹ̀ gbẹ́ ẹ parí.